Àpáta Ayérayé Lẹ́nu Àwọn Ọ̀dọ́: Bí A Ṣe Ń Tú Ọ̀rọ̀ Àtijọ́ inú Orin Ìyìn

Bí olùkọ́ bá ní kí àwọn ọ̀dọ́ ìjọ ṣí ìwé orin sí "Àpáta Ayérayé", yóò rí i pé ohùn orin náà ti wà lẹ́nu wọn. Wọ́n ti gbọ́ ọ níbi ìsìnkú, wọ́n ti gbọ́ ọ lọ́jọ́ tí à ń ṣe ìrántí ikú Olúwa, àwọn tó wà nínú ẹgbẹ́ akọrin sì lè gbé e láìwo ìwé. Ṣùgbọ́n bí ó bá béèrè pé kí ni "ìsádi", àbí kí ló dé tí "on" fi wà láàárín omi àti ẹ̀jẹ̀, gbogbo wọn á dákẹ́. Tó bá yá, ẹnì kan á ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, Yorùbá àtijọ́ ni."

Ìdáhùn yẹn ni mo fẹ́ kí olùkọ́ má tètè gbà. Nínú gbogbo ohun tó ta kókó sí ọ̀dọ́ lẹ́sẹ̀ nínú orin yìí, díẹ̀ ló jẹ́ ọ̀rọ̀ àtijọ́ ní tòótọ́. Òmíràn jẹ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n mọ̀ dáadáa tí àkọtọ́ tàbí àìsí àmì fi pa mọ́ fún wọn. Òmíràn jẹ́ ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ tí ohùn orin fún títí tó fi kúrú. Èyí tó kù ni ọ̀rọ̀ tó nílò ìtumọ̀, inú Bíbélì ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì ti wá. Olùkọ́ tó bá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, tó ń ka ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ lọ bí ẹni ń ka ìwé atúmọ̀ èdè, yóò rí i pé ojú àwọn ọmọ yóò ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ kó tó dé ẹsẹ kejì. Nítorí náà, kó kọ́kọ́ yà wọ́n sọ́tọ̀ nílé kó tó wá sí kíláàsì.

Orin yìí ni mo mú torí pé ẹsẹ mẹ́rin péré ni, torí pé ìjọ púpọ̀ ló ń kọ ọ́, àti torí pé gbogbo ìṣòro tí mo fẹ́ sọ ló wà nínú rẹ̀. Nọ́ńbà rẹ̀ nínú ìwé orin ìjọ kan yàtọ̀ sí ti òmíràn, nítorí náà orúkọ rẹ̀ ni kí ẹ fi pè é, ẹ má fi nọ́ńbà pè é.

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní àkọtọ́ òde òní

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ kì í ṣe ti ẹnu rárá, ti ọwọ́ ni. Kí olùkọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ẹsẹ kọ̀ọ̀kan sínú ìwé ní àkọtọ́ tí à ń lò nísinsìnyí, kó fi àmì ohùn sí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àkọtọ́ tó wà nínú ọ̀pọ̀ ìwé orin wa jẹ́ ọmọ ìpàdé tí àwọn míṣọ́nnárì CMS ṣe ní Èkó ní 1875. Ní 1974 ni ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ wa nílé ìwé. Ọmọ tó kọ́ láti máa kọ "ayé" kò ní mọ̀ lójú kan náà pé òun ni "aiye". Bẹ́ẹ̀ náà ni "enia" fún ènìyàn, "nwọn" fún wọ́n, àti "nṣan" tó so "ń" mọ́ "ṣàn". Kò sí ọ̀rọ̀ àtijọ́ kankan níbẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún tó láti fi hàn wọ́n, kí ẹ sì kọjá.

Àmì ohùn ni kò ṣeé fi ìṣẹ́jú márùn-ún ṣe. Àwọn ìwé orin àtijọ́ máa ń fi àmì sí abẹ́ lẹ́tà, ṣùgbọ́n wọn kì í sábà fi àmì ohùn sí i. Èyí tí a ń tẹ̀ sórí bébà lóde òní, tàbí tí a ń tàn sára ògiri níwájú ìjọ, sábà máa ń sọ àmì abẹ́ lẹ́tà náà nù. Ohùn orin kò sì ràn wá lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú ohùn tí wọ́n ń fi kọ orin yìí, Richard Redhead ló kọ ọ́ ní 1853; òmíràn, Thomas Hastings ló kọ ọ́ ní Amẹ́ríkà ní 1830. Kò sí èyí tó gbọ́ Yorùbá nínú wọn. Ibi tí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá fẹ́ gòkè ni ohùn wọn gòkè sí, wọn kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wa ní òkè àti ìsàlẹ̀ tirẹ̀. Tí a bá wá gbé ọ̀rọ̀ tí kò ní àmì lé ohùn tí kò tẹ̀ lé e, ojú kò lè mọ̀ ọ́n, etí pẹ̀lú kò lè mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ orin náà, àpáta, ohùn ìsàlẹ̀, òkè àti àárín ló ní. Ẹ fi gbogbo rẹ̀ sí ohùn àárín, ó di apata, ohun tí jagunjagun fi ń gba ọfà. Méjèèjì ló ń dáàbò bo ènìyàn, nítorí náà ọmọ tó rò pé apata ogun ni kò ní mọ̀ pé òun ti ṣìnà, ìtumọ̀ rẹ̀ á máa bá a lọ títí yóò fi dé ibi tí omi ti ń ṣàn. Ní ìparí ẹsẹ kan náà, a bẹ̀bẹ̀ fún ìwòsàn fún ẹ̀ṣẹ̀. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ ní "ese", tó sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwòsàn, ẹsẹ̀ tí à ń fi rìn ni ọmọdé á kà á sí. Ó bọ́gbọ́n mu lójú rẹ̀, ṣebí ẹsẹ̀ ni wọ́n ń wò sàn nílé ìwòsàn.

Èyí tó burú jù wà ní ẹsẹ kẹrin, níbi tí akọrin ti ń sọ nípa ayé tí yóò lọ lẹ́yìn ikú. "Aimọ" ló wà nínú ìwé. Àìmọ̀ ni: ayé tí a kò tíì rí, tí a kò mọ bó ti rí. Bí ọ̀dọ́ bá kà á ní àìmọ́, ayé ẹlẹ́gbin ló di yẹn, ó sì ń kọ orin náà níwájú òkú bàbá rẹ̀ àgbà pé ibi àìmọ́ ni bàbá ń lọ. Ohùn kan ṣoṣo ló yà á. Olùkọ́ kò gbọdọ̀ dúró dìgbà tí ẹnì kan bá béèrè, torí ẹni tó ṣi ọ̀rọ̀ kà sí ìtumọ̀ mìíràn kì í béèrè. Ó rò pé òun ti mọ̀ ọ́n.

Ohun tí ìlà kọ̀ọ̀kan lè gbà

Lẹ́yìn èyí, ẹ ní kí wọ́n ka ìlà orin náà láìkọ ọ́, kí wọ́n máa pàtẹ́wọ́ sí sílébù kọ̀ọ̀kan. Wọn á rí i pé méje méje ni, ìlà mẹ́fà sì ni ẹsẹ kan. Bí òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì ṣe tò ó nìyẹn, ẹni tó tú u sí Yorùbá sì ní láti kó èrò kan náà sínú àyè méje náà. Ibí ni a ti rí ìdí tí ọ̀rọ̀ fi kúrú.

"On" tó wà láàárín omi àti ẹ̀jẹ̀ ni àpẹẹrẹ tó dára jù. Òun ni, ìyẹn àti. Yorùbá ń lò ó títí di òní nígbà tí a bá ní èmi òun ìwọ, tàbí ẹyẹ òun ẹranko. Bí olùtumọ̀ bá kọ àti, sílébù méjì ni yóò gbà, ìlà náà á sì di mẹ́jọ. Òun, bí wọ́n ṣe ń fà á pọ̀ kọ ọ́ lórin, sílébù kan péré ni. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fi àti sí i fúnra wọn, kí wọ́n gbìyànjú láti kọ ọ́. Ẹnu wọn á kọsẹ̀ níbẹ̀, wọn kò sì ní nílò àlàyé mìíràn.

Ọ̀nà kan náà ni Nígbà tí ṣe di "'Gbati", tí Ìwọ sì di "'Wọ". Àmì kékeré tó wà lókè náà ń sọ fún wa pé fáwẹ̀lì kan tàbí sílébù kan ti jáde níbẹ̀. Ẹ má pe ìpajẹ yìí ní èdè àtijọ́, torí àwọn ọ̀dọ́ náà ń ṣe é nígbà gbogbo: ta ló ń sọ "fún ẹ̀gbọ́n mi" lódindi nígbà tó bá ń sáré? "F'ẹ̀gbọ́n mi" ni. Ìyàtọ̀ ni pé nínú orin, iye sílébù ló ń pinnu ibi tí fáwẹ̀lì yóò ti jáde. Kí wọ́n dá gbogbo ohun tó jáde padà sórí ìwé, kí wọ́n sì kọ́ láti mọ̀ wọ́n. "Mba" tó wà ní ẹsẹ kẹrin, tó ń dẹ́rù ba ọ̀pọ̀ wọn, n bá ni, ìyẹn mo bá. Ẹni tó ń kọ orin náà ló ń sọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀.

Ìsádi, àti àpáta tí omi ń ti inú rẹ̀ jáde

A ti dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti nílò ìtumọ̀. Ìsádi wá láti inú sá àti di: kí ènìyàn sá lọ bá ẹnì kan tàbí ibì kan kó lè rí ààbò níbẹ̀. Bí olùkọ́ bá sọ pé "ìsádi ni ààbò", kò parọ́, ṣùgbọ́n ó ti fi ìdajì rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó wà ní ààbò lè jókòó sí yàrá rẹ̀ láti àárọ̀, kò sí ohun tó ń lé e. Ẹni tó sá di ibì kan, nǹkan ń lé e bọ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ pé kí ló ń lé akọrin yìí. Ẹ má dá a lóhùn fún wọn. Ẹsẹ kejì yóò dá a lóhùn.

Bí ẹ bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà wọlé sí wọn lára, ìtàn Ẹ̀gbá wà nílẹ̀. Nígbà tí ogun ti tú àwọn ìlú Ẹ̀gbá ká, àwọn tó ṣẹ́kù kó wá sí ìdí Olúmọ ní nǹkan bí 1830, Ṣódẹkẹ́ ni aṣáájú wọn. Inú ihò àti abẹ́ àpáta náà ni wọ́n fara pamọ́ sí. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí orúkọ ìlú náà fi jẹ́ Abẹ́òkúta. Ìlú yìí kan náà ni Henry Townsend àti Samuel Àjàyí Crowther wá tẹ̀dó sí ní 1846, níbẹ̀ sì ni iṣẹ́ títú ìwé ìsìn sí Yorùbá ti gbòòrò. Àwọn tó kọ́kọ́ kọ orin nípa àpáta ìsádi ní ìlú yẹn kò nílò olùkọ́ kankan láti ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn. Ìdílé wọn ti sá di àpáta rí. Ọ̀dọ́ tó bá ti gun Olúmọ rí, ẹ ní kó sọ bí abẹ́ rẹ̀ ṣe rí fún àwọn yòókù.

Ìgbà yìí ni ọ̀kan nínú wọn á béèrè ìbéèrè tó tọ́: báwo ni omi àti ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn láti ara àpáta? Àwòrán mẹ́ta ni òǹkọ̀wé gbé lé ara wọn níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ibi tí a ti lè kà á. Nínú Ẹ́kísódù 33, Ọlọ́run fi Mósè sínú pàlàpálá àpáta nígbà tí ògo Rẹ̀ ń kọjá. Nínú Ẹ́kísódù 17, Mósè lu àpáta ní Hórébù, omi sì tú jáde fún àwọn tí òùngbẹ ń gbẹ. Nínú Jòhánù 19, ọmọ ogun fi ọ̀kọ̀ gún Jésù, ẹ̀jẹ̀ àti omi sì jáde. Pọ́ọ̀lù ló so àpáta Mósè mọ́ Kristi nínú 1 Kọ́ríńtì 10. Ẹ pín ibi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún ọmọ mẹ́rin kí wọ́n kà á sókè, kí ẹ sì bi wọ́n pé èwo nínú wọn ló wà nínú orin. Tí wọ́n bá rí i fúnra wọn pé àpáta tí a sá di náà ni a gún, orin náà á yàtọ̀ létí wọn láti ọjọ́ yẹn lọ.

Ìhà ni ọ̀rọ̀ tó so wọ́n pọ̀. Ìhà àríwá àti ìhà gúúsù ni ọ̀dọ́ mọ̀, nítorí náà wọ́n máa ń rò pé apá ibì kan ni omi náà ti ń bọ̀. Ẹ̀gbẹ́ ara ni ìhà níhìn-ín, ibi tí egungun ìhà wà. Kí olùkọ́ fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀, ó ti tó.

Ìkìlọ̀ kan rèé kí n tó kúrò lórí ẹsẹ yìí. Ìtàn kan wà tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ fẹ́ràn láti sọ, pé ìjì ló mú òǹkọ̀wé náà, Augustus Toplady, lójú ọ̀nà, tó sá sínú pàlàpálá àpáta kan ní Somerset, tó sì kọ orin náà síbẹ̀. Ìtàn náà dùn, wọ́n sì ń fi ibi tí wọ́n ní àpáta náà wà han àlejò, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ikú rẹ̀ ló tàn kálẹ̀, kò sí ẹ̀rí kan láti ọwọ́ òun fúnra rẹ̀. Ẹ má sọ ọ́ fún ọ̀dọ́ bí òtítọ́. Ọmọ tó bá wá kà níbòmíràn pé kò rí bẹ́ẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì nípa àwọn nǹkan tó jẹ́ òtítọ́ tí ẹ kọ́ ọ.

Ẹsẹ kejì, níbi tí ó yẹ kí ẹ dúró sí jù

Bí ó bá jẹ́ pé kíláàsì kan ṣoṣo ni ẹ ní fún orin yìí, ẹsẹ kejì ni kí ẹ lò ó fún. Òun ni a máa ń kọ kọjá láìronú jù, òun náà sì ni ọkàn orin náà.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ibi tí orin náà ti jáde. Toplady, tí wọ́n bí ní 1740, jẹ́ àlùfáà ìjọ kan ní Devon. Ní March 1776 ló tẹ orin náà jáde lódindi nínú ìwé ìròyìn ẹ̀sìn kan ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ní ìparí àpilẹ̀kọ kan tó ń sọ nípa gbèsè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti orí gbèsè ìjọba ló bọ́ sí gbèsè ẹ̀ṣẹ̀: ó ṣírò pé bí ènìyàn bá dẹ́ṣẹ̀ kan ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, nígbà tó bá fi pé ọmọ ọgọ́rin ọdún, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ yóò ti lé ní bílíọ̀nù méjì àti ààbọ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ fi fóònù wọn ṣírò rẹ̀: 60 lọ́nà 60 lọ́nà 24 lọ́nà 365 lọ́nà 80. Wọn á rí 2,522,880,000. Lẹ́yìn iye yẹn ló wá kọ orin. Ẹni tó bá mọ̀ bẹ́ẹ̀ ti mọ ohun tó ń lé akọrin náà lọ sí abẹ́ àpáta.

Nígbà náà ni kí ẹ wá sí orí ọ̀rọ̀. Ìtara kò ṣòro fún ọ̀dọ́ tó ń lọ sí ìsọjí. Wọ́n mọ onítara nínú ìjọ. Ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e ni ewu wà. "Arẹ" ló yẹ kó wà nínú ìwé, ìyẹn àárẹ̀, rírẹ̀. Bí àmì abẹ́ lẹ́tà bá sọnù, "are" ni yóò kù, ọ̀dọ́ á sì kà á bí àre tó wà nínú jàre àti dá láre. Ẹ wò ó dáadáa: nínú orin tó ń sọ pé iṣẹ́ ọwọ́ wa kò lè gbà wá, ìtara tí kò ní àre dún bí ẹ̀kọ́ tó péye. Mo ti gbọ́ àgbàlagbà tó fi ìtumọ̀ yẹn wàásù. Ṣùgbọ́n ohun tí orin ń sọ lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sọ pé ìtara náà kù díẹ̀ káàtó. Ó ní kódà kí ìtara náà má rẹ̀ láé, kò tó.

Ọ̀rọ̀ kékeré tó gbé ìtumọ̀ náà ró ni bí, tó ti pa fáwẹ̀lì jẹ mọ́ ìtara. Kì í ṣe bí ti "bí òjò bá rọ̀". Bí ti ì báà jẹ́ pé ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé. Ìlà tó tẹ̀ lé e, tó sọ ti omijé, ń jẹ lára bí kan náà, kò bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn tuntun. Àwọn ọmọ kì í rí i nítorí pé orin máa ń sinmi ní ìparí ìlà kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì rò pé gbólóhùn ti parí níbẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n ka ìlà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ẹsẹ náà papọ̀ láìmí, kí wọ́n wá sọ ọ́ lédè tiwọn. Irú èyí ló yẹ kí ẹ máa retí: "Ì báà jẹ́ pé n kò sinmi nínú iṣẹ́ Olúwa, ì báà jẹ́ pé mò ń sunkún tọ̀sán tòru, gbogbo rẹ̀ kò lè san gbèsè mi, àfi kí Ìwọ gbà mí." Ẹni tó bá sọ pé "ìtara mi kò dára, mo sì ń sunkún" kò tíì rí bí náà. Ẹ dá a padà síbẹ̀ pẹ̀lú sùúrù.

Ètùtù ló kù. Nínú fíìmù ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti mọ̀ ọ́n, pẹ̀lú ìkòkò, epo àti oríta mẹ́ta. Nítorí náà àwọn kan á rẹ́rìn-ín, ìyá kan sì lè wá bá yín lẹ́yìn ìsìn pé kí ẹ yọ ọ̀rọ̀ òrìṣà kúrò nínú orin. Ẹ má bínú sí i, ẹ má sì yọ ọ́. Àwọn tó tú Bíbélì wa mú ọ̀rọ̀ náà láti inú ohun tí àwọn ènìyàn ti mọ̀: tù ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, láti tu ẹni tó ń bínú lójú, láti mú kí ohun tó gbóná tutù. Òun náà ló wà nínú Léfítíkù àti Róòmù 3. Ẹ jẹ́ kí kíláàsì ka Léfítíkù 16, níbi tí olórí àlùfáà ti ń wọ ibi mímọ́ jùlọ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n sì ń lé ewúrẹ́ kejì lọ sí aginjù pẹ̀lú ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ènìyàn lórí rẹ̀. Kí ẹ wá bi wọ́n pé kí ni akọrin yìí ní lọ́wọ́ tó lè fi ṣe ètùtù. Ìtara àti omijé nìkan ni. Ẹni tó mọ bí ètùtù ṣe máa ń náni lówó tó nílé àwọn baba wa yóò tètè mọ ìdí tí ìyẹn kò fi tó. Ọ̀rọ̀ tí àwọn kan fẹ́ yọ ni mo rí pé ó sún mọ́ Yorùbá jùlọ nínú gbogbo orin náà.

Ẹsẹ kẹta àti ìkẹrin

Ẹsẹ kẹta kò ní gbà yín lákòókò. Rọ̀ mọ́ ni kí ènìyàn di nǹkan mú kó má jẹ́ kó bọ́, bí ọmọ tó rọ̀ mọ́ ọrùn ìyá rẹ̀. Orísun ni ibi tí odò ti ń ṣẹ́yọ, ẹ sì lè tọ́ka sí Sekaráyà 13 tó sọ nípa orísun tí à ń wẹ ẹ̀ṣẹ̀ nínú rẹ̀. Ọmọ tó bá béèrè ìdí tí akọrin fi ń tọrọ aṣọ, ẹ rán an lọ sínú Jẹ́nẹ́sísì 3.

Ẹsẹ kẹrin nílò àlàyé kan nípa ìdí tó fi sọ̀rọ̀ ikú. Toplady fúnra rẹ̀ fi àkọlé sí orin náà pé àdúrà ẹni tó wà láàyè àti ti ẹni tó ń kú lọ ni. Ẹsẹ mẹ́ta jẹ́ ti ààyè, ìkẹrin jẹ́ ti ikú. Òun alára kú ní 1778, ó sì kù díẹ̀ kó pé ọmọ ọdún méjìdínlógójì.

Ibí náà ni ẹ ti lè dá àwọn tó ń béèrè lóhùn pé kí ló dé tí a kò kúkú yí ọ̀rọ̀ orin náà padà. Wọ́n ti yí i rí. Ohun tí Toplady kọ nípa ojú ẹni tó ń kú ni pé okùn ojú já, gẹ́gẹ́ bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ayé ìgbà yẹn ṣe gbà pé ó máa ń rí. Ní 1815, Thomas Cotterill yí i padà sí ìpéǹpéjú tó ń pàdé, èyí sì ni àwọn tó tú u sí Yorùbá bá nílẹ̀, tí ikú fi ń pa ojú dé nínú tiwa. Nítorí náà kò léèwọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí Cotterill yí padà jẹ́ èrò kan nípa ara tí ẹnikẹ́ni kò gbà mọ́. Ìsádi, ìhà àti ètùtù kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ṣì ń ṣiṣẹ́ wọn. Èrò mi ni pé àkọtọ́ àti àmì ni kí a tún ṣe, kí a fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀.

Àwọn ìjọ wa ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù tàbí ní Hústìnì ní ìṣòro kan tí ti ilé kò ní. Àwọn ọmọ wọn máa ń gbé ti Gẹ̀ẹ́sì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Yorùbá, kí wọ́n lè mọ ìtumọ̀ ní ìlà sí ìlà. Kò bá ara mu bẹ́ẹ̀. Pàlàpálá tó wà ní ìlà àkọ́kọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò sí nínú tiwa. Àyè sílébù méje ni kò jẹ́ kó wọlé, ìsádi ló gba iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Ẹ lè ṣàlàyé ní Gẹ̀ẹ́sì fún wọn bí Yorùbá kò bá dá wọn lójú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Yorùbá ni kí ẹ máa ṣàlàyé.

Bí ẹ ṣe lè mọ̀ pé ó ti yé wọn

Ẹ má béèrè pé "Ṣé ó yé yín?" Gbogbo wọn á ní bẹ́ẹ̀ ni sà, bẹ́ẹ̀ ni mà. Ẹ ní kí wọ́n pa ìwé dé, kí ọ̀kan sọ ẹsẹ kan lédè tirẹ̀ láìlo ìsádi, ètùtù tàbí ìtara. Ẹni tí ó bá ń fi ọ̀rọ̀ mìíràn rọ́pò àwọn ọ̀rọ̀ náà nìkan kò tíì mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá lè sọ pé "gbèsè ló ń lé mi, n kò rí owó san án, mo sá wá" ti mọ̀ ọ́n, kódà bí gírámà rẹ̀ kò bá tíì gún.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó kọ ọ́ lórin, kí ó sì lọ́ra ju bí ẹgbẹ́ akọrin ṣe ń kọ ọ́ lọ. Kí atẹdùùrù má sinmi ní ìparí ìlà kẹta ẹsẹ kejì, kó gbé e lọ tààrà sí ìkẹrin kí bí náà má baà já. Kí ẹ tó tú ká lọ́jọ́ yẹn, ẹ mú ìwé tí ẹ fi ọwọ́ kọ náà fún ẹni tó ń tẹ orin tí a ń tàn sára ògiri. Ẹ jókòó tì í títí yóò fi tẹ àìmọ̀, ẹ̀ṣẹ̀ àti àárẹ̀ pẹ̀lú gbogbo àmì wọn, kí ẹ sì tún un wò lójú ògiri fúnra rẹ̀, torí àwọn lẹ́tà kan wà tó jẹ́ pé lórí kọ̀ǹpútà ni àmì wọn máa ń pé, tí wọ́n á sì sọnù nígbà tí ó bá débẹ̀.